Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Géètì

Àdúrà méjì ni Màmá Onílé gbà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èkíní, kí Ọlọ́run rán ayálégbé gidi wá sí ilé òkè òun. Èkejì, kí Ọlọ́run fi oorun kun ẹ̀gbọ́n ọkọ òun títí ayálégbé náà yóò fi wo ilé tán. Ó ṣe àmín sí méjèèjì, ó dìde, ó yọjú lójú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti wà lórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ojú rẹ̀ là kedere bí ojú ológbò tó gbọ́ òórùn ẹja.

Bàbá Fèrè ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Gáàdì ọkọ̀ ojú irin ni nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Òun ni í dúró lẹ́yìn ọkọ̀, tí í wo iwájú, tí í wo ẹ̀yìn, kó tó fọn fèrè pé kí ọkọ̀ máa lọ. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n fèrè kò bá a fẹ̀yìn tì. Ó fi okùn dúdú so ó kọ́rùn. Bí ewúrẹ́ bá yọjú sẹ́nu géètì, fííì! Bí oníbúrẹ́dì bá kan géètì lẹ́ẹ̀mejì, fííì! Bí Màmá bá gbàgbé omi lórí iná, fííì! "Ìyàwó wa, omi ń hó o!"

Ìyàwó wa. Màmá ti lọ́mọ-ọmọ, eyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ìyàwó náà ló ṣì jẹ́ lẹ́nu Bàbá Fèrè, nítorí àbúrò rẹ̀ ni ọkọ Màmá tó ti lọ sinmi.

Ohun tó wà nílẹ̀ kò ju báyìí lọ. Onílé Bàbá Fèrè fẹ́ wó ilé rẹ̀ kó tún un kọ́, ó sì ti ní kí ó máa wá ibòmíràn lọ. Ẹbí ọkọ Màmá ṣe ìpàdé. Wọ́n ní ilé òkè ìyàwó àwọn ṣófo, bí kò bá rí ayálégbé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí Ẹ̀gbọ́n kó síbẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín níwájú wọn, ó ní ohun tí ẹbí bá ti wí ni òun náà wí. Ìgbà tó dé yàrá ló tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó gbá àyà mú. Bàtà gáàdì lórí àjà òun! Fèrè lókè orí òun, tọ̀sán-tòru!

Bàbá Fèrè kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù. Láti ọjọ́ ìpàdé ló ti ń wá jókòó sẹ́nu géètì lójoojúmọ́, ó ní òun ń wo ibi tí òun máa gbé. Ẹni méjì ti wá wo ilé òkè. Àwọn méjèèjì bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì, kò sì sí èyí tó gun àtẹ̀gùn nínú wọn.

"Kí lẹ sọ fún wọn, Ẹ̀gbọ́n?" Màmá ti bi í.

"Òótọ́ ni mo sọ, ìyàwó wa. Wọ́n ní ṣé omi wà, mo ní omi wà nígbà tó bá wà."

Ìdí nìyẹn tí Màmá fi ránṣẹ́ pe àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá onílé wá ayálégbé. Kọ́kọ́rọ́ ni ìnagijẹ rẹ̀, nítorí kọ́kọ́rọ́ ilé onílé tó máa ń ró wóróworo nínú báàgì rẹ̀ níbikíbi tó bá gbà. Ó dé láàárọ̀ náà, ó bá Màmá lórí ìmúra irọ́.

"Bí ayálégbé náà bá bi ọ́ nípa iná, sọ pé kì í lọ."

"Màmá, iná tó lọ lánàá?"

"Ṣé kò ti dé ni?"

"Ní ọ́fíìsì wa a kì í parọ́ fún ayálégbé. Irọ́ tí a bá fi mú un wọlé, òun náà ló máa gbé e jáde, á sì mú lọ́yà dání. Òótọ́ la máa sọ, ohùn tó dùn la máa fi sọ ọ́."

"Òótọ́ tí kò mú ayálégbé wá, kí ni n ó fi í ṣe? Ṣé n ó fi bo àjà ni, kí n má baà gbọ́ fèrè?"

"Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Màmá tún gèlè rẹ̀ wé. Kò sí ohun tó ń dun àgbà bíi kí ọmọ fi òwe tó kọ́ ọ na án.

Fèrè ró níta. Àlejò ti dé.

Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà, ó sanra díẹ̀, ó wọ bàtà funfun, ojú rẹ̀ sì jẹ́ ojú ẹni tó ti rí ẹ̀jẹ̀ tí kò sì sá. Kí Bàbá Fèrè tó lanu, Kọ́kọ́rọ́ ti dé géètì.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Inú wa dùn pé ẹ wá. Èmi la jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Màmá mi ló ni ilé, àwọn nìyí."

Màmá kò lè kí ènìyàn lásán láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó tẹ́wọ́ méjèèjì: "Káàbọ̀, nọ́ọ̀sì afúnni-lábẹ́rẹ́-kí-ara-ó-le! Ẹni tó gún ni, tí a tún ń sọ pé ó ṣeun! Ajíkí-aláìsàn, ọmọ ajùmọ̀-ṣàìsùn-pẹ̀lú-òṣùpá!"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Màmá, ẹ ṣeun o. Àwọn tí mo ń tọ́jú, èébú ni wọ́n fi ń kí mi." Ó yíjú sí Kọ́kọ́rọ́. "Àbúrò mi, ìbéèrè mi pọ̀ o. Ilé tí mo wà, mi ò bèèrè nǹkan kan kí n tó wọlé. Ojú mi rí mábo."

"Ẹ bèèrè gbogbo rẹ̀, mà. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èyí tí mo bá mọ̀, màá sọ. Èyí tí mi ò bá mọ̀, màá wádìí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun."

Ó mú un lọ sídìí àpótí mítà lára ògiri. "Tiyín nìyí, ti ilé òkè nìkan. Ẹ̀yin lẹ máa ra iná sínú rẹ̀, èyí tí ẹ bá lò náà lẹ san. Kò sí gbèsè ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, iye tó bá wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ la ó kọ sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ má baà san ti ẹlòmíràn. Mítà kejì yìí ni ti iná ìta àti ẹ̀rọ tó ń fa omi. Òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń pín ìyẹn dọ́gba-dọ́gba, ẹ sì lè máa wo ojú rẹ̀ nígbàkigbà."

"Iná náà ńkọ́? Ṣé ó ń dúró?"

Màmá ti la ẹnu. Kọ́kọ́rọ́ tètè fèsì. "Ó máa ń lọ, mà, pàápàá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n wáyà jẹnẹrétọ̀ ti wà nílẹ̀, ibi tí ẹ ó ti yí i padà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yín. Ẹ̀yìn ilé nìkan la ti ń tan jẹnẹrétọ̀ o. A kì í gbé e sí bálíkónì, nítorí èéfín."

"Èéfín," ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì mi orí bí ẹni tó ti rí iṣẹ́ tí èéfín ń ṣe.

Wọ́n gun òkè. Ìgbà tí wọ́n dé pálọ̀ ni wọ́n gbọ́ bàtà lẹ́yìn wọn: gbì, wọ́ọ́, gbì, wọ́ọ́. Bàbá Fèrè ló ń bọ̀, kò sẹ́ni tó pè é. Nọ́ọ̀sì bojú wẹ̀yìn, ó wò ó lórí àtẹ̀gùn títí ó fi dé. Màmá fi ojú bá a wí, ojú náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nílé ìdáná, Kọ́kọ́rọ́ ṣí ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rọ náà hú ikọ́, ó tutọ́, ó dákẹ́ díẹ̀ bí àgbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, kó tó wá da omi mímọ́ sílẹ̀ gbàgbà.

"A kò lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta kan ni, atẹ́gùn ló wà nínú rẹ̀," ni Kọ́kọ́rọ́ wí. "Kànga tiwa ni, ẹ̀rọ ló ń fà á sókè."

"Ẹ sọ ọ́ tán fún un," ni Bàbá Fèrè ké látẹnu ọ̀nà. "Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ ò lè fà á."

"Òótọ́ ni Bàbá sọ, mà, ẹ ṣeun sà. Ìdí nìyẹn tí táǹkì fi wà lórí òrùlé. Bó bá kún, ilé méjèèjì á lò ó mọ́jú tí kò ní tán. Kí ẹ sáà má fi fọ mọ́tò."

"Mi ò ní mọ́tò. Kí ló dé tí ẹni tó wà níbí fi lọ?"

"Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé e lọ sí ìlú mìíràn, mà."

"Àti àdúrà," ni Bàbá Fèrè tún fi kún un.

"Àdúrà wo?"

"Ìyàwó wa máa ń gbàdúrà ní ìdájí. Ọlọ́run kò dití, ṣùgbọ́n kò dá ìyàwó wa lójú."

Ojú Màmá pọ́n. Nọ́ọ̀sì ronú sí i. "Ìdájí kò kàn mí, ibi iṣẹ́ ni mo sábà máa ń wà. Ọ̀sán ni mo máa ń sùn. Màmá, ṣé ẹ̀ ń gbà á lọ́sàn-án?"

"Lọ́sàn-án?" Màmá gbé ohùn sílẹ̀ lójijì. "Ti ọ̀sán, inú ni mo ti ń gbà á."

Wọ́n jókòó sórí àga tí Kọ́kọ́rọ́ ti gbé wá. Nọ́ọ̀sì ń ka ìka, Kọ́kọ́rọ́ ń dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bu omi fún àlejò. Ọdún kan ni àdéhùn. Owó ilé kò ní lé títí ọdún náà yóò fi pé, bí yóò bá sì lé lẹ́yìn rẹ̀, a ó ti sọ ṣáájú, nínú ìwé. Ohun tó bá bàjẹ́ lára òrùlé, ògiri àti páìpù inú ògiri, onílé ni yóò tún un ṣe. Gílóòbù tó bá jó àti ohun tí ayálégbé bá fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́, tirẹ̀ nìyẹn. Kò gbọdọ̀ fi ilé háyà fún ẹlòmíràn láìgbàṣẹ. Onílé tàbí ayálégbé tó bá fẹ́ fòpin sí àdéhùn gbọ́dọ̀ fún ẹnì kejì ní ìwé, oṣù mẹ́ta ṣáájú.

"Owó tí ẹ ní kí n fi sílẹ̀ fún ohun tó bá bàjẹ́ ńkọ́? Ibi tí mo wà, wọ́n ní mo ba ojú ọ̀run jẹ́, nítorí mo kan ìṣó mọ́ àjà."

"Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń wọlé, àwa méjèèjì la jọ máa yí gbogbo yàrá ká, a ó ya fọ́tò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, fọ́tò náà la ó tún gbé síwájú. Bí kò bá sí ohun tó bàjẹ́, owó yín ń bá yín lọ. Lílò tí ilé bá fi gbó, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa san ìyẹn, mà."

"Onílé kì í wọlé bá ènìyàn?"

"Èmi?" ni Màmá wí. "Kí n wá ṣe kí ni?"

"Ó wọlé rí tìtorí òórùn ọbẹ̀," ni Bàbá Fèrè wí.

"Ọbẹ̀ náà ń jó! Àbí kí n jẹ́ kí ilé ọkọ mi jóná?"

"Bí ohun kan bá ń jó tàbí omi ń ya, wọ́n lè wọlé," ni Kọ́kọ́rọ́ fi ẹ̀rín là wọ́n. "Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n á sọ fún yín lọ́jọ́ kan ṣáájú, ẹ̀yin lẹ máa mú àkókò. A ó sì pààrọ̀ ojú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yín kí ẹ tó kó wọlé, kí ẹni tó lọ má baà ní irú rẹ̀ lọ́wọ́."

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. Ó wo pálọ̀ yíká, ó wo fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, ojú rẹ̀ rọ̀. Màmá rí i, ó ṣe àmín sínú.

"Ó ku ẹyọ kan," ni nọ́ọ̀sì wí. "Òun ló mú mi kúrò níbi tí mo wà. Iṣẹ́ mi kò ní àkókò kan. Wọ́n lè dá wa sílẹ̀ ní òru, kí mọ́tò ilé ìwòsàn wá já mi sílẹ̀. Ní ibi tí mo wà, inú ni wọ́n ti ń fi àgádágodo sí géètì, wọ́n á sì sùn. Mo kan géètì títí ọwọ́ fi bó mi. Orí bẹ́ǹṣì télọ̀ ni ilẹ̀ mọ́ mi sí, nínú aṣọ iṣẹ́. Ta ló ń ṣọ́ géètì níbí?"

Inú náà ni Màmá ti ń fi àgádágodo sí tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ mọ̀. Ó gbé orí sókè: "Mà, ní ti ìyẹn, kò sí..."

"Ọlọ́dẹ wà!" ni Màmá ké.

"Ẹ ṣé o. Níbo ló wà? Kí n rí i."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Màmá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ní gbogbo ilé náà, ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà, ẹni tí Màmá ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àárọ̀ gbàdúrà lé lọ. Ọwọ́ rẹ̀ dìde fúnra rẹ̀, ó na ìka.

"Òun nìyẹn."

Bàbá Fèrè wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Kò sẹ́ni níbẹ̀. "Èmi?"

Nọ́ọ̀sì dojú kọ ọ́. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́ ibí? Kí lẹ mọ̀ nípa ẹ̀?"

Ẹ̀rín kékeré kan sáré kọjá lẹ́nu Bàbá Fèrè. Ó rí àyè tí òun yóò fi lé àlejò yìí lọ pátápátá, ó sì na ẹ̀yìn bí ìgbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra.

"Ohun tí mo mọ̀? Ìdè géètì lápá òsì ti dípẹtà, ẹni tó bá gbé e sókè, ó ti wọlé. Iná ẹ̀yìn ilé ti kú. Ògiri ga, ṣùgbọ́n ẹnì kan kó bíríkì tì í, àtẹ̀gùn olè ni. Ọkùnrin kan tó dé fìlà pupa kọjá lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí. Mo dá a dúró, ọmọ iléeṣẹ́ iná ni, mo gba káàdì rẹ̀ wò. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ kọjá, ẹ padà, ẹ wo orí ògiri kí ẹ tó kan géètì. Bàtà yín ọ̀tún ti jẹ ní gìgísẹ̀. Ẹ máa ń dúró pẹ́, ẹsẹ̀ kan lẹ sì máa ń fi dúró."

Bàbá Fèrè ń retí kí nọ́ọ̀sì gbé báàgì. Ṣùgbọ́n ojú nọ́ọ̀sì ń tàn bí ojú ẹni tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti sọnù.

"Ọlọ́dẹ ibi tí mo wà," ni ó wí díẹ̀díẹ̀, "bí mo bá kó jáde lónìí, yóò tó oṣù kan kó tó mọ̀. Àbúrò mi, mo gba ilé yìí. Kọ ọ́ sínú àdéhùn pé Bàbá yìí ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún mi."

Inú Màmá dùn, inú Màmá bàjẹ́, inú kan náà. Kọ́kọ́rọ́ ló dìde. Ohùn rẹ̀ kò yí padà, ó dùn bó ṣe dùn nídìí mítà.

"Mà, kí ẹ tó gbà á. Bàbá kì í ṣe ọlọ́dẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Kò sí ọlọ́dẹ níbí, inú la ti ń ti géètì. Mi ò lè kọ ohun tí kò sí sínú àdéhùn yín. Ẹ má bínú."

Màmá wolẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Màmá kò tilẹ̀ tíì kúrò ní pálọ̀. Nọ́ọ̀sì fa báàgì rẹ̀ mọ́ra.

"Bàbá, kí lẹ wá ń ṣe níbi géètì láti àárọ̀?"

"Mò ń wo ilé mi. Bí ẹ bá lọ, èmi ni mò ń kó wá sókè yìí."

"Pẹ̀lú orúnkún yẹn?"

"Orúnkún wo?"

"Èyí tí ẹ fà gun àtẹ̀gùn. Ọ̀tún lẹ ń gbé, òsì lẹ ń wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ sinmi. Ẹ tún díbọ́n bí ẹni tó ń wo ògiri. Bàbá, èmi náà máa ń wo nǹkan. Àtẹ̀gùn yìí lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa fẹ́ kí wọ́n gbé yín pọ̀n."

Bàbá Fèrè fi ọwọ́ bo orúnkún òsì bí ẹni tí wọ́n tú àṣírí rẹ̀.

"Yàrá tí mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ńkọ́?" ni nọ́ọ̀sì bèèrè.

"Yàrá ọlọ́dẹ ni, mà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀," ni Kọ́kọ́rọ́ wí. "Bàbá mi ló kọ́ ọ, ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. A kàn kó garawa ọ̀dà sí i ni."

"Ó dáa. Bí Bàbá bá wà ní yàrá yẹn, mo gba ilé. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, ẹ ṣeun, mò ń lọ."

Gbogbo ojú di ọ̀dọ̀ Màmá. Màmá gbé ojú sókè sí àjà. Olúwa mi, ló wí nínú, ayálégbé ni mo ní kí o fún mi, mo ní kí o bá mi gbé ọkùnrin yìí kúrò. Ta ló ní kí o so wọ́n pọ̀ mọ́ra? Ó dúró díẹ̀, bóyá Ọlọ́run yóò tún un rò. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wá bá wa gbé níbi géètì."

"Mi ò gbọ́, ìyàwó wa."

"Ẹ gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Bàbá Fèrè gbọ́. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú, ó wo Kọ́kọ́rọ́. "Kí n tó gbà, èmi náà ní ìbéèrè."

Kọ́kọ́rọ́ tún aṣọ rẹ̀ tò, ó tẹrí ba. "Ẹ káàbọ̀, sà. Inú wa dùn pé ẹ wá. Ẹ bèèrè gbogbo rẹ̀."

"Iná?"

"Orí mítà ìta ló máa wà, sà, ilé méjèèjì á jọ san án. Ẹ ó máa rí i nígbà tó bá wà."

"Omi?"

"Ó ń hú ikọ́ díẹ̀ ní àárọ̀, sà. Ilẹ̀ lẹ ó ti máa pọn ọ́n, kò sí àtẹ̀gùn."

"Àdéhùn?"

"Kọ́kọ́rọ́ géètì á máa wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì máa ṣí i fún ayálégbé nígbàkigbà tó bá dé. Ìdè géètì, iná ẹ̀yìn ilé àti bíríkì wọ̀nyẹn, a ó tún wọn ṣe kí ẹnikẹ́ni tó kó wọlé. Fèrè, fún ewu nìkan ni, sà. Kì í ṣe fún ewúrẹ́, kì í ṣe fún búrẹ́dì."

"Bí omi bá ń hó ńkọ́?"

"Ẹ kan ilẹ̀kùn Màmá."

Bàbá Fèrè rò ó títí. "Ààbò ńkọ́? Ta ló máa ṣọ́ yàrá tèmi?"

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Màmá fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Gbogbo wọn fọwọ́ sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti tún ìdè géètì ṣe, fèrè sì wà nínú àdéhùn, ní ìlà tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì kó wọ òkè, Bàbá Fèrè kó wọ ẹ̀gbẹ́ géètì. Ó kọ́ aṣọ gáàdì rẹ̀ mọ́ ògiri, ó gbé àga oníke rẹ̀ síbi tí yóò ti máa rí títì tòkè-tìsàlẹ̀. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, a kò gbọ́ fíì. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àdúrà ń gbà.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, ọpẹ́ wọ Màmá lára nínú yàrá rẹ̀. Ó gbàgbé aago, ó gbàgbé ayálégbé tó ń sùn lókè. Ohùn rẹ̀ ń gòkè: "Ọba tí ń ṣọ́ni tí kì í tòògbé! Aláàbò tí kì í gba owó oṣù! Olùṣọ́ géètì ọ̀run..."

Fííììì!

Màmá sáré yọ sí ojú fèrèsé. "Ẹ̀gbọ́n! Kí ló wà nínú àdéhùn? Wọ́n ní ewu nìkan!"

Bàbá Fèrè kò dìde lórí àga. Ó na ìka sí ilé òkè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ohùn ìgbaniwọlé tí Kọ́kọ́rọ́ fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ gan-an ló lò.

"Ewu ni, ìyàwó wa. Bí ayálégbé yìí bá bínú kó lọ, òkè ni mò ń kó bọ̀."

Màmá pa fèrèsé dé. Inú ló ti parí àdúrà náà.